Díìṣì ilé Ẹ̀gbọ́n mi: àwọn ìkànnì H ti wọlé wàyí

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ yóò rántí pé ibi tí mo dá a dúró sí ni ibi tí díìṣì ti dúró ṣinṣin lára ògiri ẹ̀yìn ilé Ẹ̀gbọ́n mi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n tí nǹkan bí ìdajì àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ kò jáde nígbà tí dékódà wá wọn. Lálẹ́ òní, gbogbo wọn ti wọlé. Díìṣì àtijọ́ náà la ṣì ń lò, ó ṣì kọjú sí sátẹ́láìtì Astra ní ìwọ̀n 28.2 ìlà-oòrùn, LNB oníhò mẹ́rin náà, ìyẹn orí tó ń gba ìgbì níwájú díìṣì, sì wà níbi tó wà. Inú mi dùn púpọ̀, mo sì fẹ́ kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ sílẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́kàn mi.

Mo ti kọ́kọ́ rí i dájú pé ìdojúkọ díìṣì kọ́ ló fa wàhálà yìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí ìwọ̀n 145 láti àríwá ni ènìyàn yóò kọjú díìṣì sí, yóò sì gbé e sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n 25. Àwọn ìkànnì tó jáde mọ́lẹ̀ kedere, wọn kò sì já.

Ohun tó là mí lójú ni àkójọ tí mo ṣe. Mo kọ ìgbì tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, èyí tó jáde níhà kan, èyí tí kò jáde níhà kejì. `10847 V 23000` wà nínú àwọn tó jáde, `11023 H 23000` sì wà nínú àwọn tó sọnù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìgbì náà ní MHz, èyí tó kẹ́yìn ni ìyára àmì rẹ̀; V ni ìgbì tó dúró lóòró, H sì ni èyí tó dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo ka ìwé náà délẹ̀, mo rí i pé kò sí H kan ṣoṣo níhà àwọn tó jáde, kò sì sí V kan níhà àwọn tó sọnù. Bí díìṣì bá ṣẹ́rí díẹ̀, àwọn ìgbì tí agbára wọn kéré ni yóò kọ́kọ́ lọ, yálà H ni wọ́n tàbí V. Bí ó bá sì jẹ́ pé àmì 22 kHz, tí dékódà fi ń sọ fún LNB pé kí ó gbọ́ àwọn ìgbì òkè, ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ìgbì tó wà lókè 11700 nìkan ni ìbá sọnù. Ṣùgbọ́n àwọn V tó wà lókè 11700 àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló jáde. Fólítéèjì ló kù kí n wò.

Dékódà kò ní wáyà mìíràn tí yóò fi bá LNB sọ̀rọ̀ ju èyí tí àwòrán ń gbà wọlé. Bí a bá pe ìkànnì V, yóò fi nǹkan bíi fóòlù 13 ránṣẹ́ sókè. Bí a bá pe H, yóò fi 18 ránṣẹ́. LNB yóò wo èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò sì yan apá tí yóò gbọ́. Ibi tí ó ti ń yí láti V sí H wà ní nǹkan bíi fóòlù 15. Bí 18 bá rẹ̀ lójú ọ̀nà tí ó sì dé òkè pẹ̀lú 14, LNB yóò rò pé V ni a pè.

Èyí ló fà á tí ohun tí ojú dékódà ń fi hàn fi ń ṣini lọ́nà. Bí mo bá pe 11023 H, ọ̀pá agbára yóò ga gan-an, ọ̀pá ìdára yóò sì wà ní òdo. Agbára yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn ìgbì V tó wà ní àdúgbò kan náà ni, èyí tí dékódà kò lè kà sí ìgbì tí a sọ fún un. Ẹni tó bá ń wo ọ̀pá agbára nìkan yóò sọ pé kò sí ohun tó ṣe wáyà.

LNB tuntun ni mo ti fẹ́ rà. Kí n tó lọ, mo yí wáyà sínú ihò mìíràn lára LNB náà, H kò sì wọlé. Mo wá gbé dékódà àti tẹlifíṣọ̀n kékeré jáde sẹ́yìn ilé, mo fi wáyà kúkúrú kan so dékódà mọ́ LNB tààrà, gbogbo H sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe pa èrò ríra LNB tì nìyẹn, mo sì kọjú sí wáyà tó gba ara ògiri wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí. Nígbà tí mo fi mítà wọn ẹnu wáyà lókè láìso ó mọ́ LNB, ó kà 17.9, bí ẹni pé àìsàn kankan kò sí. Ìdí ni pé nígbà tí kò sí ohun tó ń mu iná, fólítéèjì kì í rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo wá fi ìpín ẹlẹ́nu méjì tó ń jẹ́ kí iná kọjá sí i, LNB lẹ́nu kan, mítà lẹ́nu kejì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pe ìkànnì H kan." Wọ́n tẹ rìmóòtù, mítà kà 14.3. Fóòlù 3.6 ti sọnù lójú ọ̀nà. Bí LNB bá ń mu mílíámpù 120, óòmù 30 ni wáyà náà ń fi dí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ojúlówó wáyà tó gùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju óòmù bíi méjì lọ.

Lẹ́yìn kíṣìnnì tí wọ́n fẹ̀ síwájú ni mo ti rí i. Àwọn tó kọ́ ibẹ̀ ti gé wáyà náà, wọ́n fi ìsopọ̀ onísíkúrúù kan so ó padà, wọ́n sì fi téèpù lásán wé e. Nígbà tí mo tú téèpù náà, omi kán jáde. Bàbà àárín ti di àwọ̀ ewé, okùn tín-ín-tín tó yí i ká sì ti dúdú. Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀, àwọn ìkànnì kan máa ń padà wá fúnra wọn, wọn a sì tún lọ lẹ́yìn òjò. Ibi tí òjò ń gbà wọlé nìyí.

Mo rò pé kí n gé ibẹ̀ kúrò kí n sì fi ìsopọ̀ tuntun sí i, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bó awọ wáyà sẹ́yìn, dúdú náà kò tán. Omi ti rìn lọ nínú rẹ̀. Mo pinnu láti pa gbogbo rẹ̀ dà pẹ̀lú wáyà `WF100`, tí àárín rẹ̀ jẹ́ bàbà pátápátá. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ bí ẹ bá ń lọ sọ́jà: àárín àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú jẹ́ irin tí wọ́n fi bàbà bò, mágínẹ́ẹ̀tì yóò sì gbé e. Èyí tí ọlọ́jà kọ́kọ́ fi hàn mí lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, mo sì dá a padà fún un.

Títẹ́ wáyà tuntun kò pẹ́. Mo fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé ẹnu rẹ̀ lókè, mo sì jẹ́ kí wáyà náà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọ inú ihò ògiri, kí omi máa kán sílẹ̀ níbẹ̀. Mítà kà 17.6 pẹ̀lú H. Mo pa àkójọ àtijọ́ rẹ́, mo tún wá gbogbo ìkànnì láti ìbẹ̀rẹ̀, 11023 H sì wọlé pẹ̀lú ìdára tó ga.

Wáyà kejì, tó lọ sí yàrá òkè, gba ẹ̀yìn kíṣìnnì kan náà, ìsopọ̀ bí ti àkọ́kọ́ sì wà lára tirẹ̀ náà. Ní ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ tú u, bí òjò kò bá rọ̀.