Ohun tí ojú mi rí kí n tó mọ ìyàtọ̀ síńgù-kọ́ìlì àti họ́mbọ́kà

Ẹ̀yin àbúrò mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀kan nínú yín gbé gìtá ẹ̀ wá bá mi. Síńgù-kọ́ìlì mẹ́ta, ìyẹn píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan tó ń gbọ́ ohùn okùn, ló wà lára ẹ̀, ó sì ti fi fọ́ìlì bàbà tẹ́ gbogbo inú ẹ̀, iṣẹ́ tó mọ́ dáadáa ni, àmọ́ ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, ó ṣì ń kùn o." Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, ohun témi náà ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ló sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta yìí.

Àkọ́kọ́: fọ́ìlì kì í pa ariwo húù. Ariwo méjì ló wà tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀kan. Ọ̀kan máa ń dún ṣìì-ṣìì lókè, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan okùn gìtá ó máa ń rọlẹ̀; fọ́ìlì tẹ́ ẹ so mọ́ wáyà ilẹ̀ máa dá ìyẹn dúró. Èkejì máa ń kùn nísàlẹ̀, húùùù, ó ń mì ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí iná ibi tẹ́ ẹ wà bá ṣe jẹ́. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó ń jáde lára tiransifọ́mà nìyẹn, ó sì máa ń gba inú fọ́ìlì bàbà kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀. Kọ́ìlì tí wọ́n wé wáyà tín-ín-rín yí ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kó lè gbọ́ okùn gìtá, òun kan náà ló ń gbọ́ tiransifọ́mà, kò mọ̀ pé ọ̀kan nìkan lẹ fẹ́. Ẹ gbé gìtá dání kẹ́ ẹ máa yí ara yín díẹ̀díẹ̀. Tí ariwo bá ń lọ sókè sódò bẹ́ ẹ ṣe ń yí, fọ́ìlì ò lè ràn yín lọ́wọ́.

Èkejì: họ́mbọ́kà kì í ṣe síńgù-kọ́ìlì tó pariwo jù. Seth Lover ló ṣe é ní ilé iṣẹ́ gìtá Gibson ní 1955. Ó to kọ́ìlì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó kọ ojú mágínẹ́ẹ̀tì ọ̀kan sódì èkejì, ó sì so wáyà wọn lódìlódì. Ariwo tó wá láti ìta ò ka ojú mágínẹ́ẹ̀tì sí, bó ṣe wọ ọ̀kan náà ló ṣe wọ èkejì, wáyà tó wà lódì ló wá jẹ́ kí wọ́n pa ara wọn. Ohùn okùn ní tiẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ti yí i pa dà lẹ́ẹ̀kan, wáyà tún yí i pa dà lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bá ara ẹ̀ pàdé ní ọ̀kan ṣoṣo, ó sì lágbára sí i. Àmọ́ ó gba nǹkan lọ́wọ́ yín o. Ibi méjì ló ti ń gbọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ohùn tíntìntín tó wà lókè pátápátá á máa pa ara wọn níbẹ̀, kọ́ìlì méjì tó sì tẹ̀ lé ara wọn máa ń fa ibi tí ohùn ti mú jù wá sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ki láàárín, tó sì ń ti ámpù gbọ̀ngbọ̀n tí dísítọ́ṣọ̀n bá pọ̀. Síńgù-kọ́ìlì ní tiẹ̀ mú, tẹ́ ẹ bá tẹ kọ́ọ̀dù olókùn mẹ́fà tí géènì ò pọ̀, ẹ lè gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kọ tọ́wọ́ mi dúró, torí ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹgbẹ́ olórin kan pè mí pé kí n wá ta gìtá rídímù fún orin mẹ́fà ní sítúdíò. Ọ̀kan nínú orin yẹn, tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bá ti parí gbogbo ẹ̀ máa dákẹ́ wáí fún ìlù méjì, kó tó tún bú jáde. Géènì pọ̀ gan-an, wọ́n sì fẹ́ kí n ta á lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tò ó lé ara wọn. Mo mọ̀ pé gìtá mi ń kùn, lóru ọjọ́ tó ṣáájú mo jókòó, mo lẹ fọ́ìlì títí ilẹ̀ fi mọ́. A débẹ̀, ṣìì-ṣìì ti lọ lóòótọ́, húù wà níbẹ̀ digbí. Ẹnjiníà ní kí n máa yí lórí àga títí ó fi rọlẹ̀, mo wá kọjú sí ògiri, àmọ́ tí mo bá ti gbé èjìká báyìí ó ti dé. Wọ́n fi géètì, ẹ̀rọ tó ń ti ohùn pa tó bá ti lọ sílẹ̀, dí i. Géètì yẹn ń tì kí kọ́ọ̀dù tó parí, ìrù ohùn ń já bíi pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e, tí wọ́n bá sì ṣí i sílẹ̀ díẹ̀, húù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kóra jọ síbi tó yẹ kó dákẹ́. Wákàtí márùn-ún lọ lórí orin kan. Wọ́n ní kò burú, àwọn á tún un ṣe.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà orin jáde. Kò tíì lọ jìnnà tí mo fi mọ̀ pé ọwọ́ mi kọ́ nìyẹn. Wọ́n ti pe onígìtá míì tó ní họ́mbọ́kà, ó ti ta gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi. Pé wọ́n yọ ọ́, ó tọ́, kò ṣeé lò. Pé mo ní láti gbọ́ ọ bí ará ìta, ìyẹn ni mi ò tíì gbàgbé.

Ìbínú yẹn ló sún mi dé àṣìṣe kejì. Mo ra họ́mbọ́kà, mo gbẹ́ igi, mo gbé e sí bíríìjì, mo so ó mọ́ wáyà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn tó jáde bíi pé wọ́n da aṣọ bo ámpù. Odindi ọdún kan ni mo fi ń bú họ́mbọ́kà yẹn fún gbogbo èèyàn, kò sì ṣe mí ní nǹkankan. Pọ́ọ̀tù ni, ìyẹn ohun tá a ń yí fún fólúùmù àti tóònù. Pọ́ọ̀tù kílò-óòmù 250 ló wà lára gìtá mi, torí síńgù-kọ́ìlì ti mú jù, ó nílò ohun tó máa rọ̀ ọ́ díẹ̀. Kódà tẹ́ ẹ bá ṣí fólúùmù tán, pọ́ọ̀tù yẹn ṣì ń jẹ lára ibi tí ohùn ti mú jù. Họ́mbọ́kà tó ti ki tẹ́lẹ̀ ò ní nǹkan tó máa fi tọrẹ, 500 ló yẹ ẹ́. Ẹ yọ pọ́ọ̀tù kúrò lára wáyà, ẹ fi mítà kan ẹsẹ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti tòsì, òótọ́ máa hàn.

Mo pààrọ̀ fólúùmù àti tóònù sí 500, họ́mbọ́kà lajú. Ṣùgbọ́n síńgù-kọ́ìlì méjì tó kù wá bẹ̀rẹ̀ sí gún mi létí. Mo fi rẹsísítọ̀ kílò-óòmù 470 sí súwíìṣì tí mo fi ń yan píkọ́ọ̀pù, kó máa wọlé láti ibi tó ń bá àwọn síńgù-kọ́ìlì náà ṣiṣẹ́ lọ sí wáyà ilẹ̀. 470 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 500 máa ń di bíi 242, ó sún mọ́ 250 dáadáa. Títí dòní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà, mo sì ṣì ń fi síńgù-kọ́ìlì ọrùn ta gbogbo ibi tí géènì ti kéré, mi ò lè fi họ́mbọ́kà pààrọ̀ ẹ̀ láéláé.

Àbúrò tó wá bá mi yẹn, mi ò tú fọ́ìlì ẹ̀. Mo ní kó gbé súwíìṣì sáàárín bíríìjì àti píkọ́ọ̀pù àárín. Húù lọ. Wọ́n ti wé tàárín lódì, wọ́n sì ti kọ ojú mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sódì, láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, méjèèjì jọ di bíi họ́mbọ́kà. Ó tẹ kọ́ọ̀dù, ó ní ohùn ẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ki tó fún orin táwọn ń ta. Òótọ́ ló sọ. Mo bi í léèrè bóyá orin náà ní ibi tó ti ń dákẹ́, ó ní ó ní in, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kó gbé e pa dà wá lọ́jọ́ Sátidé, kó mú pọ́ọ̀tù 500 méjì dání.