Aago Ọwọ́ Kan, Fótò Mẹ́tàlélógójì

Ọjọ́ kìíní

Ohun tí mo fẹ́ yà ni aago ọwọ́ onírin kan, tí mo gbé sórí pákó dúdú lọ́nà tí ojú rẹ̀ fi kọ sí kámẹ́rà, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì nà sẹ́yìn. Láti etí irin tí ó sún mọ́ lẹ́ńsì jù lọ títí dé ìdè ẹ̀wọ̀n tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, mìlímítà 38 ni mo wọ̀n. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó mọ́ kedere, nítorí ẹni tí ó bá ń rò ó láti ra aago a máa yẹ ìdè wò bí ó ti ń yẹ ojú aago wò.

Ọ̀nà àbùjá ni mo kọ́kọ́ tọ̀. Mo dín ihò lẹ́ńsì kù dé f/22, nítorí ihò tóóró a máa jẹ́ kí jíjìn púpọ̀ mọ́, kí n lè fi fótò kan ṣoṣo parí iṣẹ́. Gbogbo fótò náà sì ṣú, kò mọ́ kedere, àní ibi tí mo dìídì gbé fókọ́ọ̀sì lé pàápàá. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ihò tóóró kọjá a máa fọ́n ká, tí ààmì kékeré kan yóò fi di òbìrípo fífẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀. Bí a bá sì súnmọ́ ohun tí a ń yà, ọ̀ràn náà a túbọ̀ le: nínú iṣẹ́ yìí, àwòrán aago lórí sẹ́ńsọ̀ jẹ́ ìdajì ìtóbi aago fúnra rẹ̀, nítorí náà f/22 ń ṣe bí ẹni pé f/33 ni. Pẹ̀lú gbogbo ìnira yẹn, ibi tí ó mọ́ dé ìwọ̀n tí mo fẹ́ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ nínú 38.

Ọjọ́ kejì

Mo padà sí f/8, níbi tí lẹ́ńsì mi ti ń ríran dáadáa, mo sì ya fótò 15. Mo ń yí òrùka fókọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, mo sì fi ìṣirò ojú díwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà mú apá tí ó mọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, aago náà dára ní ojú lásán, àfi ìgbà tí mo sún un mọ́ra. Lára ẹ̀wọ̀n, ìlà tín-ín-rín tí ó wà lára irin mọ́ ní ibì kan, ó ṣú ní ibi tí ó tẹ̀ lé e, ó sì tún mọ́ níwájú, bí aṣọ tí a fi ọ̀já funfun àti eérú hun ní ìbú. Ààmì tí a fi ń mọ̀ pé ìgbésẹ̀ fókọ́ọ̀sì ti gùn jù nìyẹn: apá tí ó mọ́ nínú fótò kan kò dé ibi tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì lè dá ohun tí kò sí nínú fótò kankan.

Nítorí náà mo fi rúlà wọn ìgbésẹ̀ náà. Mo gbé rúlà kan sí ibi tí aago wà, mo dà á sẹ́yìn ní ìwọ̀n digíríì 45, mo sì ya á ní f/8 láti ọ̀nà jíjìn kan náà. Nígbà tí mo sún fótò náà mọ́ra, nǹkan bíi mìlímítà 2 ni ó mọ́ lára rúlà. Nítorí pé rúlà dagun, a ó sọ 2 yẹn di púpọ̀ ní 0.7, èyí tí ó fún wa ní mìlímítà 1.4 nínú jíjìn gidi. Kí fótò kan lè wọnú èkejì díẹ̀, mo mú ìgbésẹ̀ mìlímítà 1. Mo bẹ̀rẹ̀ ní mìlímítà 2 ṣáájú aago, mo sì parí ní mìlímítà 2 lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di fótò 43. Fótò 15 tí mo kọ́kọ́ yà, ìgbésẹ̀ bíi mìlímítà 2.7 ni mo fi yà wọ́n. Abájọ tí ọ̀já fi jáde.

Ọjọ́ kẹta

Kí n tó tẹ bọ́tìnnì, mo ní láti yanjú ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá. Lánàá, ó ti rìn láàárín fótò kan sí èkejì, ó sì hàn ní ègé ègé káàkiri ojú aago. Mo fa kókó tí a fi ń yí aago jáde, ọwọ́ náà sì dúró. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ̀gbẹ́ tí kókó náà wà kò kọ sí kámẹ́rà, nítorí aago tí kókó rẹ̀ yọ síta kì í wu ènìyàn.

Eruku ni mo fojú kéré. Nínú fótò kan ṣoṣo, eruku orí gíláàsì a ṣú, ojú kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣe níhìn-ín ni kí gbogbo jíjìn mọ́: fótò kan mú gíláàsì, òmíràn mú nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, àbájáde sì gba méjèèjì. Mo fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ gíláàsì, mo nù ún, mo sì tún fẹ́ ẹ. Bákan náà ni àwòrán fìtílà tí ó hàn lára irin dídán: kò sí ní jíjìn kan náà pẹ̀lú irin tí ó gbé e, nítorí náà etí rẹ̀ lè mú jù lójú nínú àbájáde. Mo fi bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bo iwájú fìtílà kí etí ìmọ́lẹ̀ náà má baà mú jù.

Mo ti ihò, ìyára, ISO àti àwọ̀ funfun pa sí ojú kan, mo sì lo ìdádúró ìṣẹ́jú-àáyá 2 lẹ́yìn bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ni mo kọ èyí fún kọ̀ǹpútà; `align_image_stack` ń to àwọn fótò lé ara wọn, `enfuse` sì ń pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan:

```
align_image_stack -m -a OUT aago*.tif
enfuse --exposure-weight=0 --saturation-weight=0 \
  --contrast-weight=1 --hard-mask --output=abajade.tif OUT*.tif
```

Nínú lẹ́ńsì mi, bí fókọ́ọ̀sì ti ń lọ sẹ́yìn ni aago ń kéré sí i lójú fótò. `-m` ni ó ń tún ìtóbi náà ṣe, fótò àkọ́kọ́ ni a sì fi ń wọn àwọn yòókù. Mo rí i dájú pé ti iwájú ni àkọ́kọ́, nítorí òun ni ó fi ìwọ̀nba àyè díẹ̀ hàn, kò ní sí etí òfìfo. `--hard-mask` sì ń mú kí píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan wá láti inú fótò kan, dípò kí ó jẹ́ àpòpọ̀.

Àwọn ọ̀já náà ti lọ. Ohun tí ó kù ni òjìji funfun kan tí ó yí etí irin iwájú ká níbi tí etí náà gbé dúró níwájú ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí fókọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn, etí iwájú ṣú, ó sì fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó bo ẹ̀wọ̀n tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí fókọ́ọ̀sì wà níwájú, etí mọ́, ẹ̀wọ̀n sì ṣú. Kò sí fótò kankan nínú 43 tí ibẹ̀ yẹn ti mọ́, nítorí náà àfikún fótò kò lè wò ó sàn. Mo yí aago náà díẹ̀ kí púpọ̀ nínú etí náà lè dúró níwájú pákó dúdú dípò ẹ̀wọ̀n, mo sì tún gbogbo 43 yà. Òjìji náà kù sí ibì kan péré, nítòsí ìsopọ̀ ẹ̀wọ̀n kìíní, mo sì fi ọwọ́ kun ibẹ̀ láti inú fótò kọkànlélọ́gbọ̀n. Fótò tí mo parí yìí ni mo máa fi sínú àkójọ. Òru ni mo kun ibẹ̀, nítorí náà mo ní láti tún un wò ní ojúmọ́.