Àtàǹpàkò mi tí mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Àbúrò mi ni mo torí ẹ̀ ti fóònù pa. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ báyìí, á gbà á, á fi pe gbogbo Kétu. Mo bá fi ìka tì í. Fóònù ní kí n tún fi kóòdù tì í, tori ọjọ́ tí ìka kò bá ṣiṣẹ́. Èmi ọlọ́gbọ́n! N kò fi ọdún ìbí ṣe é, n kò fi 1234 ṣe é. Nọ́ńbà mẹ́jọ tí kò bá ara wọn tan rárá ni mo tò. Mo ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè Kétu, gan-an kò le tó báyìí. Kí n má baà gbàgbé, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ò ní béèrè ibi tí mo kọ ọ́ sí? Inú fóònù náà ni.

Ọjọ́ kejì kúránì lọ, bátìrì kú fin-ín-fin-ín. Nígbà tí fóònù padà jí, mo gbé àtàǹpàkò lé e, ó kọ̀. Mo ní oje ẹ̀gẹ́ ni. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo tún fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń dáná. Àtàǹpàkò mọ́ ju ti ọmọ àná lọ, fóònù kò mira. Ìyàwó mi, tó gbọ́ Faransé jù mí lọ, yọjú wò ó.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n mà kọ ọ́ síbẹ̀. Bí fóònù bá kú tó tún jí, kóòdù ló máa kọ́kọ́ gbà kó tó dá ìka yín mọ̀."

Ó ti wà lójú ẹ̀ látìgbà tí mo ti ń wá ọṣẹ!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ìgbà karùn-ún, ó ní kí n lọ jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Nígbà tó yá, ìjókòó náà ń gùn sí i.

Mo gbé e lọ bá atúnfóònùṣe. Ó rín ẹ̀rín tiẹ̀ tán ná. Ó ní ká ní mo wá nígbà tí ìka ṣì ń ṣí i, òun ì bá bá mi kó àwòrán jáde. Ní báyìí, ẹni bá ní òun á ṣí i láìpa nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, owó mi ló fẹ́ jẹ. Ló bá pa fóònù, ó tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án pọ̀ mọ́ èyí tó ń gbé ohùn sókè, ó yan `Wipe data/factory reset`. Ó parí. Fóònù jí bí ọmọ tuntun, ó sì ní kí n mú àkáǹtì Google tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá, bóyá olè ni mí. Ọlọ́run yọ mí, ọmọ mi tó bá mi ṣí àkáǹtì náà rántí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀. Nọ́ńbà àwọn èèyàn padà wá, tori ọ̀dọ̀ Google ni wọ́n wà. Àwòrán ìkómọ àwọn ìbejì lọ ráúráú, n kò fi wọ́n pamọ́ síbì kankan.

Ìwé ni mo kọ kóòdù tuntun sí, mo sì ní kí ìyàwó mi fi sínú àpótí ẹ̀. Àbúrò mi kò rí fóònù ṣí mọ́. Ìyàwó mi ló ń ṣí i. Látàná ló ti ń béèrè ta ni "Ìyá Ẹlẹ́kuru" tó ń pè mí nígbà márùn-ún lóòjọ́.

Ẹlẹ́kuru mà ni o.