Téèpù kò mọ ohun tó wà nínú ìgò abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, ní òru ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ kan wá tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa gbogbo omi ara rẹ̀ tán. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ìlù ìṣan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ má ṣeé fọwọ́ mọ̀. Kò sí àyè láti gbé e sórí òṣùwọ̀n, ni mo bá na téèpù aláwọ̀ Broselow, tó ń fi gígùn ọmọ díwọ̀n ìwúwo rẹ̀, tì í: ibi pupa ní àtàrí, mo fà á dé orí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó bọ́ sí funfun, kìlógíráàmù 15 sí 18. Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Dókítà, gìgísẹ̀ ni o." Mo tún un nà, ó bọ́ sí yẹ́lò, 12 sí 14. A mú 13.

Omi iyọ̀ mílílítà 20 fún kìlógíráàmù kan yóò jẹ́ 260. Ìdajì rẹ̀, 130, la kọ́kọ́ fi sírínjì tì í sí i nínú iṣan, torí mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi kún un. Mo fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ tàbí tí àyà ń dún ríro-ríro, ẹ dá omi dúró. Ti ọmọ yìí mọ́, la bá fi ìdajì kejì sí i.

Kò tíì wọlé tán tí ìlù ìṣan fi pòórá. A bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà. Epinẹfírìnì, oògùn tí a fi ń jí ọkàn tó dákẹ́, jẹ́ mílígíráàmù 0.01 fún kìlógíráàmù kan, ìyẹn 0.13. Téèpù kọ mílílítà 1.3 síbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a ti pò ni ó ń sọ, mílígíráàmù 0.1 nínú mílílítà kan. Ìgò mílígíráàmù 1 nínú mílílítà 1 ló wà nínú àpótí wa. Mo rí i tí ẹni tó ń fa oògùn ń ṣẹ́ orí ìgò kejì, ni mo bá fura: ọmọ kìlógíráàmù 13 ṣe máa gba ìgò méjì? Ìlọ́po mẹ́wàá ni ì bá wọlé sí i.

A da èyí tó fà nù. A fa ìgò kan sínú sírínjì mílílítà 10, a fi omi iyọ̀ 9 kún un, a kọ orúkọ oògùn sí i lára. A fún ọmọ ní 1.3, a fi omi iyọ̀ 5 tì í wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ a tún un fún un, torí mẹ́ta sí márùn-ún ni àyè rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù padà.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òṣùwọ̀n ní kìlógíráàmù 11 ni. Ọmọ náà rù, gígùn rẹ̀ ni téèpù sì ń wọ̀n, kò rí i pé ẹran ara kò sí. Ní ti epinẹfírìnì, ìyàtọ̀ yẹn kò dẹ́rù bà mí. Omi ló ń kó mi lọ́kàn sókè, nítorí náà ọmọ tí ó bá rù báyìí, 10 fún kìlógíráàmù ni mo ń fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.