Lẹ́tà tí mo fi "ó ń gbìyànjú" dá lóhùn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ní píánò, lẹ́tà kan ń bọ̀ wá bá yín. Ó lè gba orí fóònù wá, ó lè jẹ́ bébà, àmọ́ ó ń bọ̀. Tèmi dé ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn. Wọ́n ya bébà kan nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ náà, wọ́n ká a sínú báàgì tó ń kó ìwé orin rẹ̀ sí:

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú sùúrù ọmọ wa. Mo fẹ́ béèrè ibi tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé, àti bóyá ó ti tó jókòó fún ìdánwò Gíréèdì 3 tẹ́ ẹ ní ká san owó rẹ̀. Orin mẹ́ta kan náà ni mo ń gbọ́ láti yàrá lójoojúmọ́, èmi gan-an ti mọ̀ wọ́n sórí. Mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ má bínú, mi ò mọ nǹkan kan nípa orin, mo kàn ní kí n béèrè ni."

Mo kọ èsì sẹ́yìn bébà náà: "Mọ́mì, ó ń gbìyànjú gan-an. Á yege, lágbára Ọlọ́run." Wọ́n sanwó. Ọmọ náà gba 97. Máàkì 100 ni wọ́n fi ń yege.

Kí ẹ tó lè rí ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ ká tú ìdánwò náà wò. Àjọ ìdánwò orin ABRSM ti Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é, 150 sì ni gbogbo máàkì rẹ̀. Orin mẹ́ta tí ọmọ máa ń kọ́ fún oṣù gbọọrọ, 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 90. Sikéèlì àti àpẹ́jíò ní 21. Orin tí ọmọ ò rí rí, tí wọ́n á gbé síwájú rẹ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́, 21 náà ni. Ìdánwò etí, níbi tí olùdánwò ti ń tẹ píánò tí ọmọ ń pàtẹ́wọ́, tó ń kọrin tẹ̀ lé e, tó sì ń dáhùn ìbéèrè, 18. Ọmọ lè kùnà ní apá kan kó sì yege lápapọ̀. Ohun tó tàn mí jẹ gan-an nìyẹn.

Orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ mi ní 24, 23 àti 22. Ó jẹ́ 69, ó dára púpọ̀, torí 60 péré ló nílò níbẹ̀. Sikéèlì, 11. Orin àìrírí, 8. Etí, 9. Ẹ rò ó pọ̀. Ìyá tó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa orin ti sọ gbogbo èyí fún mi ní gbólóhùn kan: mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó gbọ́ láti ìta ilẹ̀kùn ohun tí èmi tí mo jókòó ti ọmọ náà ò gbọ́. Ìbéèrè ló kọ, àmọ́ ìròyìn wà nínú rẹ̀, èmi sì kà á bí ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn.

Láti ìgbà yẹn, tí òbí bá ti bi mí pé ṣé ọmọ ti tó, mi ò ní dáhùn lọ́jọ́ náà. Màá ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni màá ṣe ìdánwò àfarawé, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó ti lọ. Màá jáde kúrò nínú yàrá, màá kanlẹ̀kùn wọlé bí àlejò, mi ò sì ní ran ọmọ lọ́wọ́. Bó bá ṣìnà nínú orin, màá pa ẹnu mi mọ́. Nǹkan yìí ò rọrùn o! Ọwọ́ tíṣà ti mọ́ ọn lára láti máa nawọ́ sí nóòtì.

Ibi sikéèlì ni ẹ ti máa rí i kíákíá. Ọmọ á tẹ gbogbo wọn láìsí àléébù bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ìwé. Ẹ wá pe ẹ̀karùn-ún kẹ́ ẹ tó pe èkejì, ẹ ní kó fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ á lọ sókè àjà. Ìtòtẹ̀léra ló há sórí, kò mọ sikéèlì. Olùdánwò kì í tẹ̀ lé ìwé.

Ní ti orin àìrírí, wọ́n máa ń fún ọmọ ní ìdajì ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbà á láàyè kó tẹ̀ ẹ́ wò ní àkókò yẹn. Ọmọ tèmi káwọ́ sórí itan, ó ń wo bébà náà bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mi ò sọ fún un rí pé ó lè fọwọ́ kan píánò.

Nǹkan kan tún wà tí máàkì kì í fi hàn. Kíbọọ̀dù oní-bọ́tìnnì 61 ló wà nílé wọn, fífúyẹ́ bíi ti ìṣeré. Píánò tí ọmọ náà lọ bá pàdé lọ́jọ́ ìdánwò ní 88, ó sì wúwo lábẹ́ ìka. Nísinsìnyí mo máa ń bi òbí léèrè irú èyí tó wà nílé, tó bá jẹ́ kíbọọ̀dù, a ó wá píánò gidi kan, bóyá ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé.

Èsì tí mo padà kọ sí ìyá yẹn rèé, lẹ́yìn tí mo bẹ̀ ẹ́: "Mọ́mì, tó bá jẹ́ òní ni wọ́n dán an wò, màá fún un ní 68 lórí orin, 12 lórí sikéèlì, 9 lórí orin àìrírí, 10 lórí etí. Ó jẹ́ 99. Kò tíì tó. Orin rẹ̀ ò nílò wákàtí kan sí i. Ẹ jẹ́ ká fo ìdánwò tó ń bọ̀ yìí, ká jókòó fún èyí tó tẹ̀ lé e." Mo fi kún un pé kó kọ orúkọ sikéèlì kọ̀ọ̀kan sórí ègé bébà, kó ká a sínú agolo mílíìkì òfìfo, kí ọmọ máa mú mẹ́rin lálaalẹ́ láìwò.

Ó bi mí bóyá ọmọ ò lè ṣe irú èyí tí wọ́n ń ká sórí fídíò, níbi tí kò ti sí sikéèlì tàbí orin àìrírí, tó jẹ́ pé orin mẹ́rin ni wọ́n á tẹ̀. Ó lè ṣe é, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì pé. Àmọ́ mo sọ fún un pé ọmọ tí kò lè ka nóòtì ní Gíréèdì 3 á máa wá mi láti fi nóòtì há a lórí títí di Gíréèdì 5, owó rẹ̀ ni yóò sì máa fi san án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká dúró.

Ìgbà kejì, ọmọ náà gba 109. Orin rẹ̀ tiẹ̀ jábọ́ sí 67, ó ti sú u. Sikéèlì 16, orin àìrírí 13, etí 13. Kí èsì náà tó jáde ni ìyá rẹ̀ ti fi bébà mìíràn sínú báàgì: "Tíṣà, èmi ni mò ń di agolo náà mú. Mi ò mọ èyí tó tọ̀nà, àmọ́ mo mọ èyí tó dúró ronú lé lórí. Mo ti fàmì sí méjì fún yín."