Òtútù yàrá wa

Ẹ gbà mí o! Nínú òtútù Rọ́ṣíà yìí, ẹ̀rọ amúlégbóná yàrá wa dákú lánàá. Páìpù tó wọ inú rẹ̀ ń jóni lọ́wọ́, irin yòókù tutù rinrin. Afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀.

Mo kọ ímeèlì sí màmá alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì: «Не работает отопление», ìyẹn ni pé ẹ̀rọ amúlégbóná kò ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀ ni mo fi kí i, bí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbí. Mo so fọ́tò tẹmómítà mọ́ ọn: 14. Òfin wọn ní yàrá kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 18 lọ.

Plọ́mbà dé kílẹ̀ tó ṣú. Ó yí fáàfù kékeré kan, afẹ́fẹ́ súfèé jáde, omi dúdú tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ṣé tiyín náà máa ń súfèé?