Kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan: bí mo ṣe ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́ mi báyìí

Pírámárì kìíní, ìkejì àti ìkẹta ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo, ní abúlé kan l'Ókè-Ògùn. Ọmọ 25 ni gbogbo wọn. Ìwé ìṣirò tó wà nílẹ̀ kò ju márùn-ún lọ: mẹ́ta ti ìkẹta, méjì ti ìkejì. Àwọn ọmọ kìíní ò ní rárá.

Ní táàmù àkọ́kọ́, nóòtì mẹ́ta ni mò ń kọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Màá kọ́ àwọn kìíní, màá sáré lọ bá ìkejì, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìkẹta, agogo ti lù. Ohun tó là mí lójú ni ọmọ pírámárì kejì kan tó ń dáhùn ìbéèrè tí mo bi àwọn ìkẹta, tí ìwé tirẹ̀ sì ṣófo níwájú rẹ̀. Ohun tí màá sọ nìkan ni mo máa ń ṣètò. Mi ò ṣètò ohun tí àwọn tí mi ò bá sọ̀rọ̀ yóò máa ṣe.

Báyìí, ibi tí mi ò ní sí ni mo kọ́kọ́ ń kọ. Màá pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta fún kíláàsì mẹ́ta, màá fa ìlà àkókò gba inú rẹ̀ kọjá, màá sì fi bírò pupa yí ibi tí màá jókòó sí ká. Pupa méjì ò gbọdọ̀ wà lórí ìlà kan. Ibi tí pupa bá wà ni ẹ̀kọ́ tuntun ń lọ. Ibi tí kò sí, ohun tí mo ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ṣe. Ẹ má fi ohun tuntun sílẹ̀ fún ọmọ tí kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ní pẹ́ tó fi máa dìde wá bá yín, ètò á sì dàrú.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyọkúrò, fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀. Ìyá kan gbé ọsàn lọ sọ́jà, ó tà lára rẹ̀, mélòó ló kù? Ìtàn kan náà ni, nọ́ńbà ló yàtọ̀: 8 − 3 fún ìkíní, 32 − 7 fún ìkejì, 52 − 27 fún ìkẹta. Lẹ́yìn náà, màá lo ìṣẹ́jú 8 lọ́dọ̀ ìkíní, nítorí àwọn ni kò lè dá wà bí mi ò bá tíì fi ìdérí ìgò sí wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìkẹta ti wà lójú pátákó kí agogo tó lù, ìkejì sì ń ṣe iṣẹ́ àná. Ìkejì á gba ìṣẹ́jú 12, ìkẹta á gba 10, a ó sì jọ fi 5 tó kù yẹ iṣẹ́ wò.

Ìkejì gba àkókò jù nítorí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọkùnrin kan kọ 35. Mo ní, "Ìyá gbé ọsàn 32 lọ, ó tà níbẹ̀, ó wá ku 35?" Ó rí i pé kò bọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ti ṣì í. Nígbà tí 2 ò gba 7, ńṣe ló yí i padà, ó yọ 2 kúrò nínú 7. Mo gbé igi ìgbálẹ̀ fún un, ìdì mẹ́ta tí mo fi rọ́bà so ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, àti ẹyọ méjì. Mo ní kó yọ méje. Ó mú méjì, ó dúró, ó wojú mi. "Tíṣà, ṣé kí n tú ìdì kan?" Gbólóhùn yẹn ni mò ń retí. Ó tú u, ó da méjì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ẹyọ 12 wà nílẹ̀, ó mú 7, ó ku 5 àti ìdì méjì.

Ní ti ìwé tó kéré, páálí ìndòmíì ni mo ń gé. Ìbéèrè kan lójú páálí, ìdáhùn lẹ́yìn rẹ̀, sẹlotéèpù lórí rẹ̀ kó má tètè bàjẹ́. Ojú ìwé kan tó ní ìbéèrè mẹ́wàá ti di iṣẹ́ ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa ṣe pàṣípààrọ̀. Ọmọ tó bá yọjú wo ẹ̀yìn páálí kí ó tó ṣe é kì í pẹ́ fara hàn: ìdáhùn á pé, kò ní sí ìlà iṣẹ́ kankan nínú ìwé rẹ̀.

Mo ṣe àṣìṣe kan tó dùn mí. Ọmọbìnrin ìkẹta kan tó mọ̀wé ni mo fi ń kọ́ àwọn kìíní lójoojúmọ́. Bàbá rẹ̀ wá bá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, ṣé ọmọ mi wá kàwé ni àbí ó wá ṣiṣẹ́ tíṣà?" Òótọ́ ló sọ. Báyìí, wọ́n ń gbà á ṣe ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ẹni tó bá sì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ń lọ.

Ètò yìí ò bá gbogbo ẹ̀kọ́ mu. Ìró lẹ́tà fún àwọn kìíní ò ṣe é pa pọ̀ mọ́ ti ẹnikẹ́ni, àárọ̀ kùtù ni mo ń ṣe é, nígbà tí ìkẹta bá ń ka ìtàn láàárín ara wọn, tí ìkejì sì ń da ọ̀rọ̀ kọ. Bí wọ́n bá sì ti lọ sílé, orúkọ àwọn tó kọ irú 35 yẹn ni mo máa ń kọ sí etí ìwé, kí n lè mọ ẹni tí màá jókòó tì lọ́la.